Síkẹ́ẹ̀tì kan tí kò ní àwòrán ló tú àpótí aṣọ mi sílẹ̀

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, àpótí aṣọ mi ti kún débi pé kò ṣeé tì mọ́, áńkárá ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, síbẹ̀ aṣọ 4 péré ni mò ń gbé kiri lọ síbi iṣẹ́ l'Ájàṣẹ́ níbí. 15 000 fáránkì ló wà lọ́wọ́ mi lóṣù yìí. Kí ni kí n rà tí àwọn tó kù á fi ṣeé wọ̀?"

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Má tíì lọ s'ọ́jà Wándó, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí. Ní nǹkan bí ọdún 3 sẹ́yìn, ibi tó o wà yìí gan-an ni mo wà, ohun tí mo sì ṣe ni pé mo gun sẹmijàn lọ sọ́jà mo lọ ra bàtà pupa kan ní 7000 fáránkì, torí kábà kan tí mo fẹ́ràn, tó jẹ́ pé kò sí bàtà tó bá a lọ. Bàtà yẹn dáa o, kò sóhun tó ṣe é, àmọ́ kábà yẹn nìkan ló bá mu nínú gbogbo ohun tí mo ní, owó mi sì ti tán kí n tó mọ̀ pé ohun tó há gbogbo aṣọ yòókù mọ́lẹ̀ ṣì wà níbi tó wà.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wá dùn mí dáadáa, mo jókòó lọ́jọ́ Sátidé kan, mo kó gbogbo aṣọ jáde sórí bẹ́ẹ̀dì, mo yọ àwọn tí mi ò wọ̀ láti oṣù 2 sẹ́yìn sọ́tọ̀. 14 ni wọ́n. Mo mú bébà, mo sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún ìkọ̀ọ̀kan: "ǹ bá wọ èyí ká ní mo ní báyìí báyìí." Ohun tí mo bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun téèyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí lọ́jà, kó ní àwọ̀, kó ní gígùn. Tó o bá kọ "ká ní mo ní nǹkan tó dáa", o ò tíì kọ nǹkan kan, wọ aṣọ náà síra, dúró níwájú dígí, wàá rí ohun tó ń dà ọ́ láàmú níbẹ̀.

Nígbà tí mo parí, mo ka bébà náà. Búláòsì 6 ló ń béèrè ohun kan náà, síkẹ́ẹ̀tì tí kò ní àwòrán tó wálẹ̀ kọjá orúnkún. Gbogbo wọn ló wá láti inú kọ́ńpìlé, ìyẹn búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán láti ara aṣọ kan náà, àwọn síkẹ́ẹ̀tì wọn kò burú, àmọ́ tí mo bá wọ méjèèjì pọ̀ ṣe ló ń dà bíi pé òde ìgbéyàwó ni mò ń lọ, mi ò lè wọ̀ ọ́ lọ jókòó ní búrò lọ́jọ́ Túsìdé. Àwọn 3 mìíràn, kábà 2 àti búláòsì léèsì kan, ìṣòro tiwọn ni pé wọ́n ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oòrùn ń fi inú wọn hàn, yẹ̀rì àti ṣẹ́mísì ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe aṣọ tuntun rárá. 2 nínú wọn, síìpù ló bàjẹ́. 2 ti kéré sí mi láti ìgbà tí mo ti bímọ, mo fi wọ́n fún àbúrò mi. Ẹyọ kan tó kù ni kábà tó ń béèrè bàtà pupa, èyí tí mo ti kọ́kọ́ ná owó lé lórí. Ṣé o rí i? Ohun tó hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí bébà ni mo sáré lọ rà, tí mo fi èyí tó hàn lẹ́ẹ̀mẹfà sílẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ohun tí kò ní àwòrán ló sábà máa ń wọ́n lọ́dọ̀ àwa tí a fẹ́ràn áńkárá ni pé ìgbà tá a bá lọ ra aṣọ, àwòrán ló ń pe ojú wa, kò sẹ́ni tí aṣọ rẹ́súrẹ́sú kan ń pè láti ọ̀ọ́kán. Aṣọ ẹbí náà ń rọ́ wọlé lọ́dọọdún. Àwòrán ńlá méjì lórí ara ẹnì kan sì máa ń bára wọn jà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé búláòsì 6 lọ́nà síkẹ́ẹ̀tì 6, ó ti di ìmúra 36 nìyẹn. Lórí bébà ni. Gbìyànjú ẹ̀ lójú dígí kó o wo iye tó o lè gbé jáde síta.

Ibi tó wá yẹ kó o fara balẹ̀ jù ni àwọ̀ síkẹ́ẹ̀tì náà, torí níbẹ̀ ni mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé dúdú ló máa ń bá gbogbo nǹkan lọ, mo lọ sí Misẹ̀bo ní Kútọnu níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù, mo ra síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan tó ń dán bíi sátẹ́ẹ̀nì, ó ní ìṣẹ́po yíká. Búláòsì kan péré ló gbà á nínú 6. Dídán yẹn kò bá áńkárá lọ, áńkárá kì í dán bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń le gbagidi díẹ̀, torí náà òkè mi dà bí aṣọ ọ̀tọ̀, ìsàlẹ̀ mi dà bí aṣọ ọ̀tọ̀. Ìṣẹ́po yẹn náà tún ń tì búláòsì sókè níbàdí, pàápàá àwọn tí wọ́n rán ní etí fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ nísàlẹ̀. Irú búláòsì bẹ́ẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fẹ́.

Ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ ló là mí lójú lórí àwọ̀. Ó ní kí n yé wo àwọ̀ tó ń pariwo jù lára áńkárá mi, kí n wo ilà tín-ín-rín tó yí àwòrán ká. Nínú ojúlówó wáàsì, ilà yẹn sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ àró tó dúdú, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fi ìda lẹ àwòrán mọ́ ara aṣọ níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n á rì í sínú àró, ibi tí ìda kò bò ló máa gba àró náà, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó wá ń fi pupa tàbí yẹ́lò tàbí gíríìnì kún un. Nítorí náà aṣọ tó pupa àti èyí tó yẹ́lò lè má jọra rárá lójú, kí ilà ara àwọn méjèèjì sì jẹ́ àró kan náà. Mo dé ilé, mo gbé àwọn búláòsì mi sẹ́nu ọ̀nà lábẹ́ oòrùn, 5 nínú 6 ló ní ilà àró. Ìkẹfà ní ilà búráwùn, àwọn tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ̀ lójú kan ṣoṣo ni, wàá mọ̀ ọ́n tó o bá yí inú ẹ̀ síta, ẹ̀yìn ẹ̀ á ti ṣì ju iwájú lọ. Àwọn yẹn, ilà wọn lè jẹ́ dúdú, búráwùn, ohun tó bá wù wọ́n, torí náà wo tìẹ, má kàn gba tèmi.

Bí mo ṣe rà á nìyí. Mo ní kí aránṣọ mi fún mi ní àjákù aṣọ kọ̀ọ̀kan tó kù lọ́dọ̀ ẹ̀, mo fi pín-ìnì há wọn mọ́ bébà kan, mo gbé e lọ sí Wándó. Mo ní kí olóńtajà yọ aṣọ náà jáde kúrò lábẹ́ tapólì, torí tapólì aláwọ̀ búlúù máa ń pa àwọ̀ gbogbo aṣọ tó bá wà lábẹ́ ẹ̀ dà. Mo ra yáàdì 2 aṣọ òwú tí kò dán, àwọ̀ àró tó dúdú, 3000 fáránkì, mo fi 2500 rán an ní síkẹ́ẹ̀tì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó là díẹ̀ lẹ́yìn kí n lè gun sẹmijàn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé síkẹ́ẹ̀tì àwọn kọ́ńpìlé yẹn ò wá ní búláòsì tí wọ́n á bá lọ mọ́, mo bá wá búláòsì kan tó jẹ́ àwọ̀ kíríìmù nínú àlòkù, 1500. Yẹ̀rì àti ṣẹ́mísì tó ní àwọ̀ ara mi, 1500. Gbogbo ẹ̀ 8500. Nígbà tí mo kà á, síkẹ́ẹ̀tì àró gba búláòsì 5, búláòsì kíríìmù gba síkẹ́ẹ̀tì 4 (2 tó kù, ìpìlẹ̀ wọn funfun gbòò, kíríìmù wá dà bí aṣọ tó dọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn), àwọn tuntun méjèèjì gba ara wọn, àwọn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ 3 sì jáde síta. Ìmúra 13 tí mi ò ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn, mo sì wọ gbogbo wọn lóòótọ́.

Kí o tó ná owó, yá irú ohun náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí kò bá bá ó kéré tán ohun 3 tó ti wà nílé lọ, má rà á. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Kétu ṣe bẹ́ẹ̀, ìró àti bùbá nìkan lòun ń wọ̀, síkẹ́ẹ̀tì tèmi ò wúlò fún un rárá, bùbá funfun kan tí kò ní àwòrán ló hàn lórí bébà tiẹ̀, bùbá ẹyọ kan yẹn ló ń wọ̀ sórí ìró 5 báyìí, gèlè ló kàn ń pààrọ̀.

Aṣọ àró tuntun máa ń ta àwọ̀ o. Rẹ ánkásíìfù funfun sómi, fún omi ẹ̀ dànù, kó o fi nu etí inú síkẹ́ẹ̀tì náà, tí ánkásíìfù bá ti yí padà, fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí tí kò fi ní ta mọ́. Ibàdí búláòsì kíríìmù mi àkọ́kọ́ di búlúù lọ́jọ́ kan tí mo làágùn, kò sì jáde.

Ohun kan wà tí bébà yẹn ò lè tún ṣe. Aránṣọ kan ti gán búláòsì mọ́ síkẹ́ẹ̀tì di kábà fún mi láìbéèrè, aṣọ yẹn ò lè bá nǹkan kan lọ mọ́ láéláé. Tí wọ́n bá tún fún ọ ní aṣọ ẹbí, sọ fún aránṣọ kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lo fẹ́ ẹ, kí síkẹ́ẹ̀tì ní béńtì tirẹ̀, kí búláòsì má gùn kọjá egungun ìbàdí, kó sì kó àjákù ẹ̀ fún ọ.

Owó tó bá ṣẹ́ kù nínú 15 000 yẹn, kọ́kọ́ fi ṣe síìpù. Tèmi 2 ná mi ní 1000 fáránkì, wọ́n sì ti wà nínú àpótí láti ọdún kan.