Sóbò tí mo fọwọ́ ara mi sè, mínírà ni mo sọ ọ́ dà

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí bàbá mi, èèyàn bíi 40 ni mò ń retí. Bàbá ní àtọ̀gbẹ, àwọn ọmọdé náà máa pọ̀. Ṣé kí n se sóbò ni, àbí kí n ra júùsì inú páálí, àbí kí n kúkú ra mínírà? Mi ò fẹ́ kí ṣúgà pọ̀ jù."

Ẹ se sóbò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, torí sóbò tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ sè lè ní ṣúgà tó mínírà, kí ẹni tó sè é má sì mọ̀.

Nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi, èmi ni mo gba ohun mímu ṣe. Mo ti fọ́nnu káàkiri ilé pé a ò ní ra mínírà, ohun tó ṣara lóore la máa mu. Mo da iṣápá gbígbẹ sínú ìkòkò, mo fi í sílẹ̀ kó máa hó fún wákàtí kan gbáko, mo ṣe bí ẹni tó ń se ẹran. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ó kan débi pé ojú mi ń ṣẹ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ṣúgà sí i. Mo bù, mo tọ́ ọ wò, mo tún bù. Kí n tó mọ̀, odindi kílò kan ti wọnú lítà 10. Àwọn àlejò mu ún, wọ́n sì yìn mí dáadáa. Ọjọ́ kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ṣírò rẹ̀. Gíráàmù 1,000 nínú lítà 10, gíráàmù 10 nìyẹn nínú mílílítà 100. Mo wo ẹ̀yìn ìgò mínírà kan tó wà nílé: gíráàmù 10.6. Mínírà ni mo sè, àwọ̀ ló yàtọ̀.

Júùsì náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ọsàn pọ́ńbélé tí wọn ò fi ṣúgà kankan sí máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 8 sí 10 nínú mílílítà 100, ti èso àjàrà sì máa ń tó 15, ìyẹn ju mínírà lọ. Inú èso ni ṣúgà yẹn ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fún omi rẹ̀ jáde, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ṣúgà tó yẹ ká dín kù, bí èyí tá a fi ṣíbí bù. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2015 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 50 lóòjọ́ fún àgbàlagbà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ife júùsì méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èèyàn débẹ̀ kí oúnjẹ tó dé.

Ohun tí sóbò fi dára ju àwọn méjèèjì lọ ni pé iṣápá fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ṣúgà. Ohun tí ọwọ́ yín bá bù sí i ni yóò wà nínú rẹ̀. Kíkan rẹ̀ ló ń mú kí ọwọ́ èèyàn wúwo. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ fi ṣúgà bá kíkan jà, kíkan náà ni kí ẹ dín kù láti ìdí ìkòkò. Bí iṣápá bá ṣe ń hó pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni kíkan àti kíkorò rẹ̀ ṣe ń jáde tó. Ní báyìí, n kì í sè é mọ́. Màá ṣan iṣápá kí iyanrìn kúrò, màá da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e lórí, màá dé e, màá sì sẹ́ ẹ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20. Àwọ̀ rẹ̀ á ti jáde dáadáa nígbà yẹn.

Fún èèyàn 40, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mu ife mílílítà 200 méjì, lítà 16 nìyẹn. Gíráàmù iṣápá 320 ni mò ń lò fún un. Ẹ fi lítà 9 omi gbígbóná rẹ ẹ́ pẹ̀lú ata ilẹ̀ tí ẹ gún àti kànáfùrù díẹ̀, torí òórùn àti títa wọn ń mú kí èèyàn má ṣàárò ṣúgà. Tí ẹ bá sẹ́ ẹ tán, ẹ da lítà kan omi ọ̀pẹ̀yìnbó sí i, kí ẹ sì fi omi tútù kún un títí yóò fi pé lítà 16. Ṣúgà tí màá fi sí i jẹ́ gíráàmù 400. Ọ̀pẹ̀yìnbó náà máa mú nǹkan bíi 100 wá. Tí ẹ bá pín 500 sí ife 80, gíráàmù 6 àti díẹ̀ ló kan ife kan, bíi ṣíbí ìmutíì kan ààbọ̀. Ife mínírà kan náà ní tó 21. Àmọ́ ẹ fi òṣùwọ̀n wọn ṣúgà yẹn o. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, ojú ló kó bá mi.

Ohun kan tún wà. Nǹkan tó tutù kì í dùn lẹ́nu bí èyí tó gbóná. Bí ẹ bá tọ́ sóbò gbígbóná wò, ẹ ẹ́ rò pé ó ti dùn tó, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti inú fíríìjì jáde, ẹnìkan á ní kò dùn, á sì tún bu ṣúgà sí i. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Tó bá ṣì kan, ẹ kọ́kọ́ bu omi sí i, tàbí iyọ̀ fíntínfíntín. Iyọ̀ máa ń pa kíkan díẹ̀.

Ẹ má fi ìkòkò alumíníọ̀mù ṣe é, kíkan sóbò máa ń jẹ ẹ́. Ẹ ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì tàbí yìnyín. Bí ẹ bá fi í síta nínú ooru, ṣúgà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di ọtí. Ìgò tó bá wú tàbí tó ń hó nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ dà á nù.

Bí àwọn kan bá ta kú pé mínírà làwọn fẹ́, ẹ ra díẹ̀ nínú èyí tí kò ní ṣúgà rárá. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dá yín lójú. Ẹ má gbé sóbò fún aboyún, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bí bàbá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, torí iṣápá lè mú ìfúnpá wálẹ̀.

Ti bàbá fúnra wọn, ẹ bu lítà kan sọ́tọ̀ kí ẹ tó da ọ̀pẹ̀yìnbó àti ṣúgà sínú ti àwọn yòókù. Ẹ fi omi tútù là á títí tí kò fi ní kan lẹ́nu mọ́, kí ẹ sì so okùn mọ́ ọrùn ìgò rẹ̀, torí tí ẹ bá gbé wọn pọ̀ sínú yìnyín, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń ní.