Owó 529: ìgbà tí ẹ bá ń gbà á jáde ni kí ẹ ṣọ́ra jù

"Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3, Houston là ń gbé. A fẹ́ máa fi $150 sí àkáǹtì 529 lóṣooṣù nítorí yunifásítì rẹ̀. Níbo ni wàhálà ibẹ̀ wà? Tó bá wá jẹ́ pé Nàìjíríà ló lọ kàwé ńkọ́?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àkáǹtì 529 ni àkáǹtì ìfowópamọ́ fún ẹ̀kọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣètò. Ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó-orí lórí owó tó ń wọlé fún èèyàn, torí náà ẹ ò pàdánù ẹ̀dínwó kankan bí ẹ bá lo ètò ìpínlẹ̀ mìíràn. Èyí tí owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ níbẹ̀ bá kéré ni kí ẹ mú, bíi my529 ti Utah. Ẹ fi àkáǹtì sí orúkọ ara yín, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ sí ibi ẹni tí owó wà fún. Ẹ jẹ́ kí báńkì máa yọ $150 náà fúnra rẹ̀ ní kété tí owó oṣù bá ti wọlé, bí ìgbà tí èèyàn ń dá èsúsú tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Ẹ mú ètò tó ń bá ọjọ́ orí ọmọ rìn. Nígbà tó ṣì kéré, ìpín ìdókòwò ni wọ́n máa fi owó náà rà jù. Bó ṣe ń sún mọ́ ọdún 18, wọ́n á máa kó o lọ sí ibi tí kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè sódò. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ sí ìpín ìdókòwò títí ọmọ fi pé 17 lè rí i kí ọjà wó lọ́dún tí wọ́n fẹ́ san owó ilé-ìwé gan-an.

$150 lóṣù fún ọdún 15 jẹ́ $27,000. Ká ní ó ń mú ìdá 6 nínú 100 wá lọ́dún (ọjà kì í ṣèlérí ìyẹn o), ó máa tó $43,600. $16,600 tó lé lórí rẹ̀ ni èrè, ìjọba àpapọ̀ ò sì ní gba owó-orí kankan níbẹ̀, bí ẹ bá ná an bí òfin ṣe wí.

Ibi gbígbà jáde ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọdún tí ẹ san owó ilé-ìwé náà ni kí ẹ gba owó jáde. Ilé-ìwé lè fi ìwé owó sáà January ránṣẹ́ ní December. Bí ẹ bá san án ní December, tí ẹ wá gba owó 529 jáde ní January láti fi dí i, ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ lójú ìjọba, ẹ ò sì ní rí ìnáwó fi gbe owó tó jáde yẹn lẹ́sẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo rísíìtì. Owó ọkọ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ò sí lára ohun tí òfin gbà. Owó ilé àti oúnjẹ wà níbẹ̀, àmọ́ bí ọmọ bá ń gbé níta ọgbà, ẹ ò lè kọjá iye tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé níta.

Ẹ má sì fi 529 san gbogbo owó ẹ̀kọ́ tán. Ẹ fi owó ọwọ́ yín san $4,000 nínú rẹ̀ lọ́dún, torí ẹ̀dínwó owó-orí kan wà tó ń dá tó $2,500 padà lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, bí owó tó ń wọlé fún yín ò bá kọjá ààlà. Owó kan náà ò lè gba àǹfààní méjèèjì.

Ní ti Nàìjíríà, ẹ wá orúkọ ilé-ìwé náà níbi tí FAFSA, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń to kóòdù àwọn ilé-ìwé sí, ní studentaid.gov. Bí kò bá sí níbẹ̀, 529 ò kà á sí ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ jù lọ yunifásítì wa nílé ni kò sì sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣì gba $5,000 fún un nínú $43,600 yẹn, nǹkan bíi $1,900 nínú rẹ̀ ni wọ́n máa kà sí èrè: owó-orí wà lórí rẹ̀, ìtanràn ìdá 10 tó jẹ́ $190 sì tún wà. Wọn ò ní fọwọ́ kan èyí tó kù, torí owó yín ni.

Kẹ́ ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè gbé àkáǹtì náà fún àbúrò rẹ̀ láìsan nǹkan kan. Bí àkáǹtì bá sì ti pé ọdún 15, ẹ lè máa kó díẹ̀díẹ̀ lọ sínú Roth IRA ọmọ náà, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, títí dé $35,000 láyé rẹ̀, bí òun náà bá ti ń ṣiṣẹ́ gbowó. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí àkáǹtì ni ọdún 15 yẹn ti bẹ̀rẹ̀, torí náà bí $150 ò bá tíì tó yín lọ́wọ́, ẹ fi $25 ṣí i lóṣù yìí.