Àlàfo iye owó láàárín ọjà kírípítò méjì: ibi tí èrè ń bá lọ

"Ẹ jọ̀ọ́, mo rí kóìnì kan tó jẹ́ 100 USDT ní ọjà kan, tó sì jẹ́ 101 ní òmíràn. Bí mo bá ra mẹ́wàá níbí, tí mo tà á lọ́hùn-ún, ṣé mi ò ní jèrè 10 USDT?"

Iye tẹ́ ẹ rí yẹn, iye tí wọ́n tà á kẹ́yìn ni. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó ní òun ṣì máa tà á fún yín níye yẹn. Ojú ìwé tí wọ́n kọ Order Book sí ni kẹ́ ẹ ṣí. Níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà, ẹ wo Ask, iye tí àwọn tó ń tà ń béèrè. Níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ tà, ẹ wo Bid, iye tí àwọn tó ń rà ṣe tán láti san. Kẹ́ ẹ sì wo iye kóìnì tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, torí ìlà àkọ́kọ́ kì í sábà tó ohun téèyàn fẹ́ rà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò mẹ́wàá yín. Ká ní ní ọjà A, kóìnì 4 ló wà ní 100.15, tí mẹ́fà tó kù wà ní 100.25. Owó yín á jẹ́ 1002.10. Bí ọjà náà bá ń gba 0.1% lórí rírà, ẹ ti ná 1003.10. Ẹ fẹ́ fi kóìnì ránṣẹ́ wàyí, wọ́n gba 0.02 kóìnì fún ìyẹn, 9.98 ló dé ọjà B. Níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ san 100.80 kò fẹ́ ju 5 lọ, ìyókù á lọ ní 100.60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1004.99, ẹ yọ 0.1% ti ọjà B kúrò, ó ku 1003.98. Èrè yín jẹ́ 0.88. Ṣùgbọ́n ọjà B lowó yín wà báyìí. Láti dá USDT padà sí A kẹ́ ẹ lè tún un ṣe, ká ní wọ́n gba 1 USDT: àdánù 0.12 ló kù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé, kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun:

```
P = (n - w) * bid_B * (1 - f_B) - n * ask_A * (1 + f_A) - r
```

`n` ni iye kóìnì, `w` ni owó ìfiránṣẹ́ kóìnì, `f_A` àti `f_B` ni owó iṣẹ́ ọjà méjèèjì, `r` ni owó tí USDT fi ń padà. `bid_B` àti `ask_A` gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpíndọ́gba iye gbogbo ìlà tẹ́ ẹ máa kàn, kì í ṣe ìlà àkọ́kọ́ nìkan.

Ẹ má rò pé kíkéré owó á gbà yín. `w` àti `r` kì í dín kù bẹ́ ẹ bá ra díẹ̀: pẹ̀lú kóìnì 5 péré, àdánù yẹn á tó 0.87. Bẹ́ ẹ bá sì ra púpọ̀, ẹ ó wọ àwọn ìlà tí iye wọn burú sí i.

Gbogbo èyí, a ṣe é bí ẹni pé iye owó dúró de yín. Kì í dúró. Ọjà A lè kọ́kọ́ yẹ ìbéèrè yín wò kó tó fi kóìnì sílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gba àkókò tirẹ̀, ọjà B á sì dúró títí ìjẹ́rìísí á fi pé kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ tà. Lórí Bítíkóìnì, búlọ́ọ̀kù kan, tó jẹ́ ìjẹ́rìísí kan, ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ní ìpíndọ́gba. Bí ọjà bá béèrè ìjẹ́rìísí mẹ́ta, ó ti di ààbọ̀ wákàtí, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kóìnì yín bá wálẹ̀ ní 0.5% péré kó tó dé, nǹkan bí 5 USDT ti lọ. Àwọn tó ń fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣiṣẹ́ náà á ti tà sórí Bid yẹn kí tiyín tó dé.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é gan-an fi ń kó USDT sí A, kóìnì sí B, tí wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń tà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn yanjú ìdúró, kò yanjú owó iṣẹ́. Tó bá sì yá, gbogbo kóìnì á kó sí A, gbogbo USDT á kó sí B, owó ìfiránṣẹ́ á tún dé. Bẹ́ẹ̀ iye kóìnì tí wọ́n kó pamọ́ lè já wálẹ̀ nígbàkigbà.

Àlàfo ńlá, bíi 8% tó dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù. Bí kóìnì bá lè rìn láàárín ọjà méjèèjì, àwọn oníṣòwò ì bá ti dí i. Ẹ wo ojú ìwé Deposit ti ọjà B àti Withdraw ti ọjà A: ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń kọ Suspended sí kóìnì náà. Bí méjèèjì bá ṣí, ẹ wò ó bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni wọ́n jọ ń lò, kẹ́ ẹ sì fi àdírẹ́sì kọ́ńtíráàtì kóìnì náà wéra ní ibi méjèèjì, torí kóìnì méjì tí kò tan mọ́ra lè máa jẹ́ orúkọ ìkékúrú kan náà. Bẹ́ ẹ bá wá rí i pé gbogbo rẹ̀ bára mu, ẹ kọ́kọ́ fi iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú tó fi dé, kẹ́ ẹ tún wo Bid nígbà tó bá dé.