17% kọ́ ni ti ọdún kẹta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Alágbàtà kan fi tábìlì èlé ránṣẹ́ sí wa: ọdún méjì, 16%; ọdún mẹ́ta, 17%. Ó ní sípọ́ọ̀tù réètì ni. Ó ní ọdún kẹta ló ń san 17 yẹn, pé kí a fi ₦500,000 wa sí ti ọdún méjì, bó bá pé, kí a tún un fi síbi tó bá ti ń san 17 fún ọdún kan, pé ọgbọọgba ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ìyá mi. Kì í ṣe ọgbọọgba. Bí ẹ bá ṣe bó ṣe wí, tí ẹ sì rí 17% náà gbà lóòótọ́ nígbà tó bá yá, owó yín á fi ₦13,630 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ dín sí ti ẹni tó fi ₦500,000 tirẹ̀ sí ti ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀nà méjèèjì tó lè dọ́gba, ọdún kẹta yẹn nìkan gbọ́dọ̀ san 19.03%.

Ó ti ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ tí ìbéèrè yìí dé ọ̀dọ̀ mi láàárín oṣù méjì, àṣìṣe kan náà ló sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Akápò kan láti Sábó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ 17, ó kọ "ọdún kẹta" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe kà á fún un gẹ́lẹ́. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe sí i, àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ irú yín tí wọn ò sì jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò fún ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo bínú sí.

Ibi tí àṣìṣe náà ti ń bẹ̀rẹ̀ kò jù báyìí lọ: wọ́n rí "ọdún mẹ́ta", wọ́n kà á sí "ọdún kẹta". Ọ̀tọ̀ ni mẹ́ta, ọ̀tọ̀ ni ìkẹta. Sípọ́ọ̀tù réètì ọdún mẹ́ta ni èlé tí owó tí ẹ gbé kalẹ̀ lónìí ń jẹ lọ́dọọdún bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án rárá títí ọdún mẹ́ta fi pé, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìparí nìkan ni ẹ máa gba owó àti èlé pa pọ̀. 17% yẹn wà lórí ọdún kìíní, ó wà lórí ìkejì, ó wà lórí ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni 16% ṣe wà lórí ọdún méjèèjì ti ọlọ́dún méjì. Kò sí nọ́ńbà kankan lórí tábìlì yín tó jẹ́ ti ọdún kẹta nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n fi máńgòrò ṣàlàyé rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ṣàìmọ máńgòrò. Ẹ ní agbọ̀n méjì. Ẹ da ohun tó wà nínú wọn pọ̀, ẹ pín in dọ́gba, ó kan agbọ̀n kọ̀ọ̀kan ní 16. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32. Wọ́n wá gbé agbọ̀n kẹta dé, ẹ tún da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, ó wá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 17. Àpapọ̀ ti di 51. Mélòó ló wà nínú agbọ̀n kẹta nígbà tí wọ́n gbé e dé? Bó bá jẹ́ 17 ló wà nínú rẹ̀, kí ló máa fi gbé àwọn méjì àkọ́kọ́ kúrò ní 16? 19 ló ní láti jẹ́. Ó mú 17 tirẹ̀, ó sì fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún ti àwọn méjì tó bá nílẹ̀.

Èlé fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé èlé máa ń bí èlé, ìlọ́po la sì ń ṣe dípò ìròpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn fi jẹ́ 19.03 tí kò fi dúró sí 19 géérégé.

Ẹ mú bírò báyìí, ká jọ ṣe é pẹ̀lú owó yín. ₦500,000 tó ń jẹ 16% á di ₦580,000 ní ìparí ọdún kìíní, á di ₦672,800 ní ìparí ọdún kejì. Ti ọlọ́dún mẹ́ta, ní 17%, á di ₦585,000, á di ₦684,450, á wá di ₦800,806.50 ní ìparí ọdún kẹta. Ìbéèrè tó kù ni pé: ẹni tó ní ₦672,800 lọ́wọ́ ní ìparí ọdún kejì, èlé wo ló máa sọ ọ́ di ₦800,806.50 láàárín ọdún kan péré? Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó ku ₦128,006.50. Ẹ fi ₦672,800 pín in, 0.1903 ni, ìyẹn 19.03%. Èlé ọdún kan yìí, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún kejì tó sì ń parí sí ìparí ọdún kẹta, ni wọ́n ń pè ní fọ́wọ́ọ̀dù réètì. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú ẹ̀rọ:

```
(1.17^3 / 1.16^2) - 1 = 0.1903
```

Níbo wá ni ₦13,630 ẹ̀ẹ̀kan gbà lọ? Ẹ wo ìparí ọdún kejì dáadáa. Ọlọ́dún mẹ́ta wà ní ₦684,450 nínú ìṣirò, ẹ̀yin wà ní ₦672,800. Ẹ ti fi ₦11,650 sẹ́yìn kí ọdún kẹta tó bẹ̀rẹ̀ rárá, torí pé 16 lẹ fi ọdún méjì jẹ nígbà tí tirẹ̀ ń jẹ 17. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá wá jẹ 17 bákan náà lọ́dún kẹta, ẹ kò ní bá a mọ́. Ńṣe ni ₦11,650 náà á bí èlé tirẹ̀, á di ₦13,630.50. Ọdún kẹta yín gbọ́dọ̀ ju tirẹ̀ lọ kó tó lè dí ihò ọdún méjì tó ṣáájú.

Àwọn ilé owó ńláńlá kì í jẹ́ kí nọ́ńbà yìí yẹ̀. Ẹni tó bá lè yá ₦500,000 fún ọdún méjì ní 16%, tó sì kó gbogbo rẹ̀ sí ti ọdún mẹ́ta ní 17%, kò fi kọ́bọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Ní ìparí ọdún kejì ló máa san ₦672,800 fún ẹni tó yá a, ní ìparí ọdún kẹta ló máa gba ₦800,806.50. Òun ti dá èlé 19.03% ti ọdún kẹta mọ́lẹ̀ láti òní. Ẹ má dán an wò o. Kò sẹ́ni tó máa yá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó ní iye tí ìjọba fi ń yá a.

Mo ní láti tètè ti ilẹ̀kùn kan, torí mo mọ ohun tí àwọn kan máa fi 19.03 yìí ṣe. Wọ́n á ní "ọjà ti ṣèlérí 19% fún ọdún kẹta." Kò sẹ́ni tó ṣèlérí kankan. Ààlà ni nọ́ńbà náà. Bí èlé ọdún kan bá ju 19.03% lọ nígbà tí ọdún méjì yín bá pé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọ̀nà ọdún méjì lẹ jèrè jù. Bó bá wálẹ̀ sí 15, ọlọ́dún mẹ́ta ti fi yín sílẹ̀ jìnnà. Ohun tó sì máa jẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹnì kankan kò mọ̀ ọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Àbújá. Kódà, ẹni tó bá fi owó rẹ̀ pamọ́ pẹ́ sábà máa ń béèrè owó sùúrù lórí rẹ̀, nítorí náà fọ́wọ́ọ̀dù lè ga ju ohun tí àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ń retí.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé sípọ́ọ̀tù ni 16 àti 17 yẹn lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń fura. Bọ́ǹdù ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí DMO, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ń tà láti 2017, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta ló máa ń jẹ́, ₦5,000 lèèyàn sì lè fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń san èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni alágbàtà yín ti mú nọ́ńbà rẹ̀, kúpọ́ọ̀nù ni, ìyẹn èlé tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ kí ọjọ́ ìparí tó dé, kì í ṣe sípọ́ọ̀tù. Ọ̀nà tí ẹ máa fi mọ̀ kò le: ẹ bi í pé ṣé owó kankan máa wọ àkáǹtì yín kí ọjọ́ ìparí tó dé. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má kó nọ́ńbà náà sínú ìṣirò òkè yìí ní tààrà. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú owó kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé sọ́tọ̀ sí ọjọ́ tirẹ̀ kí a tó mọ sípọ́ọ̀tù tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré. Ká ní sípọ́ọ̀tù ọdún mẹ́ta jẹ́ 17.2 dípò 17, fọ́wọ́ọ̀dù á fò láti 19.03 lọ sí 19.64. Àṣìṣe tíńtín lórí nọ́ńbà ọdún mẹ́ta máa ń di ìlọ́po mẹ́ta nígbà tó bá dé ọdún kẹta, torí òun nìkan ló ru ẹrù gbogbo wọn.

Ọ̀nà kan tún wà láti dá irọ́ mọ̀ láì ní ẹ̀rọ lọ́wọ́. Bí ti ọdún mẹ́ta bá ga ju ti ọdún méjì, ọdún kẹta gbọ́dọ̀ ga ju méjèèjì. Bó bá jẹ́ 17 fún ọdún méjì àti 16 fún ọdún mẹ́ta, a jẹ́ pé ọdún kẹta á bọ́ sí 14.03. Ẹni tó bá fún yín ní ìdáhùn tó bọ́ sáàárín nọ́ńbà méjèèjì kò mọ ohun tó ń ṣe.

N kò tíì fojú mi rí tábìlì náà, n kò sì mọ ìgbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín máa nílò ẹ̀yáwó, nítorí náà n kò ní kí ẹ ra èyí tàbí tọ̀hún. Bí ẹ bá mọ̀ pé owó náà máa di dandan ní ọdún kejì, ti ọdún méjì ni kí ẹ mú, ẹ gbàgbé 19.03. Alágbàtà yẹn ńkọ́? Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, kí ẹ sì fún un ní bébà òfìfo kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò ọdún kẹta lójú yín. Bó bá tún kọ 17, ẹ gba tábìlì yín, kí ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.