Oògùn oorun ń da ìyá mi láàmú

Ìbéèrè: Ìyá mi, ẹni ọdún 78, ń lo Fálíọ̀mù kan lálaalẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, wọ́n sì ṣubú nígbà tí wọ́n ń lọ tọ̀ lóru. Èmi náà lò ó rí, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Oògùn yẹn kì í tètè kúrò lára àgbàlagbà. Inú ọ̀rá ló máa ń sá sí, bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń dàgbà ni omi ara ń dín tí ọ̀rá ń gba àyè rẹ̀, kódà lára ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀dọ̀ náà ò yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Lára ọmọ ogún ọdún, nǹkan bíi wákàtí 20 ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ; lára ẹni ọgọ́rin ọdún, ó lè tó wákàtí 80.

Ẹ wò ó báyìí: wọ́n lo ti Mọ́ńdè. Kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, ti Túsìdè, Wẹ́sìdè àti Tọ́sìdè ti gorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi hàn lọ́jọ́ kìíní. Ọpọlọ àgbà náà kì í gba oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ẹsẹ̀ á yọ̀, ara ò ní tètè gbá a mú.

Ẹ yẹ àpò oògùn wọn wò. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí pé Pírítọ́ọ̀nù tí wọ́n rà fún ara yíyún wà níbẹ̀; òun náà ń da iyè rú.

Ẹ má kàn dá Fálíọ̀mù dúró lójijì bó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, gìrì lè mú wọn. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá forí gbálẹ̀, ọsibítù lónìí.