Ọjà jóná, ìwé jóná: báwo la ṣe máa mọ iye ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù?

*Iná jó ṣọ́ọ̀bù mi ní Balógun lóru ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún. Ánkárá àti léèsì ni mò ń tà. Àwọn ìnṣọ́ránsì ní kí n kọ iye ọjà tó wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ mi ò ka ọjà láti ìparí oṣù Kejìlá. Èyí tí mo bá rà ní 6,000 náírà, 8,000 ni mò ń tà á. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?*
*Ìyá aláṣọ, Ìsàlẹ̀ Èkó*

Màmá, ẹ kú ewu iná o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí ẹ ka ọjà kẹ́yìn yẹn gan-an la ti máa bẹ̀rẹ̀. A ó fi ọjà tí ẹ rà láti ìgbà náà lé e, a ó wá yọ ọjà tó ti jáde kúrò. Èyí tó bá kù ló yẹ kó wà lórí pẹpẹ nígbà tí iná dé. Wàhálà ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: iye tí ẹ ta ọjà lẹ mọ̀, ẹ ò sì lè fi iye títà yọ kúrò lára iye rírà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ èrè kúrò lára owó títà, kó lè padà di iye tí ẹ rà á. Èrè tí mò ń sọ ni èyí tó wà láàárín rírà àti títà, kí ẹ tó yọ owó ṣọ́ọ̀bù, owó jẹnẹrétọ̀ àti owó ọmọ iṣẹ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti máa ń ṣìṣe. Lórí aṣọ 6,000 tí ẹ tà ní 8,000, ẹ jèrè 2,000. Tí ẹ bá fi 2,000 yẹn wé iye tí ẹ rà á, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Tí ẹ bá fi wé iye tí ẹ tà á, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, ìyẹn 25 nínú 100. Nínú owó títà la ti fẹ́ yọ èrè, nítorí náà 25 la máa lò. Aláṣọ tó bá ní “ìdá kan nínú mẹ́ta lèrè mi”, tó wá gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó títà, ti gé ohun tó pọ̀ jù.

Ẹ má sì dá 25 yìí gbà kìkì nítorí pé ẹnu yín ló ti jáde. Ẹ gba ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta tó kọjá lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín ṣe owó-orí, ẹ wo èrè ọdún kọ̀ọ̀kan lórí owó títà. Tó bá jẹ́ 24, 26 àti 25, ó dáa. Tí ẹ bá rí 17, ó jẹ́ pé ẹ̀dínwó tí ẹ ń ṣe fún oníbàárà àti ọjà tí wọ́n ń jí ti ń jẹ èrè yín, 17 náà lẹ sì máa lò. Àmọ́ tí dọ́là bá gbówó lórí lẹ́yìn oṣù Kìíní, tí ẹ ń ta aṣọ tó ti wà nílẹ̀ ní owó tuntun, èrè ọdún yìí á ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ mú rìsíìtì díẹ̀ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wé iye tí ẹ rà á, ẹ ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é wò. Èmi ni mo fi àwọn iye yìí síbẹ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò wọn.

Ọjà tí ẹ kà lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá jẹ́ mílíọ̀nù 14. Láti ìgbà yẹn, ẹ ra ọjà mílíọ̀nù 22.4, àwọn tí ẹ rà á lọ́wọ́ wọn ṣì ní ẹ̀dà rìsíìtì. Owó ọkọ̀ àti owó alábàárù tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 600,000, ara iye rírà nìyẹn náà. Ẹ wá kó aṣọ mílíọ̀nù kan fún ìgbéyàwó ọmọ yín. Ẹ ò tà á, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ yọ ọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 36. Ẹrù tí ẹ ti sanwó rẹ̀ tó ṣì wà ní Apápá kì í ṣe ara èyí, nítorí iná ò débẹ̀.

Ó ku títà. Ìwé yín ti jóná, ṣùgbọ́n báńkì á fún yín ní sítétímẹ́ǹtì. Owó tó wọlé jẹ́ mílíọ̀nù 27.5. Ẹ fara balẹ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí mílíọ̀nù 1.5 níbẹ̀ jẹ́ èsúsú tí ẹ kó lóṣù Kẹta. Ìyẹn kì í ṣe ọjà. Gbèsè ọdún tó kọjá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san náà kì í ṣe títà ọdún yìí, tó bá wà, ẹ yọ ọ́. Ẹ wá fi àwìn mílíọ̀nù 4 tí wọn ò tíì san kún un, torí aṣọ náà ti lọ. Ó di mílíọ̀nù 30.

Nínú 30 yìí, mílíọ̀nù 2 jẹ́ léèsì àtijọ́ tí ẹ tà ní iye tí ẹ rà á kó lè lọ. Kò sí èrè lórí ẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ó ku mílíọ̀nù 28. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni iye rírà, mílíọ̀nù 21. Ẹ fi léèsì mílíọ̀nù 2 kún un, ọjà mílíọ̀nù 23 ló ti jáde. Ẹ yọ 23 nínú 36: mílíọ̀nù 13 ló wà nílẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Ẹ má kó ohun tó kù dànù o. Mo ti rí ìdì ánkárá tí etí rẹ̀ gbẹ bí èédú, tí àárín rẹ̀ sì mọ́, àfi òórùn èéfín. Ẹ fi sílẹ̀ kí ẹni tí ìnṣọ́ránsì rán wá fojú rí i. Ká ní wọ́n dá èyí tó yè lé mílíọ̀nù 1.5, òfò yín jẹ́ mílíọ̀nù 11.5. Òun náà á wo iye pẹpẹ àti eérú, torí ìṣirò yìí kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti kó ẹrù jáde kí iná tó dé.

Ẹ wo ìwé ìnṣọ́ránsì yín dáadáa. Tó bá ní bí ẹ bá dá ọjà lé iye tó kéré sí iye rẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ ń ṣe ìnṣọ́ránsì, ẹ ó pín òfò jẹ, tó sì jẹ́ mílíọ̀nù 10 lẹ dá a lé, 10 nínú 13 òfò náà ni wọ́n máa san:

11,500,000 × 10 ÷ 13 = 8,846,154

Ẹ wá wo ẹni tó gé ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn. Ọjà tirẹ̀ á jẹ́ mílíọ̀nù 15.33, òfò rẹ̀ á sì jẹ́ 13.83. Ó fi ju mílíọ̀nù méjì lọ bùkún ọjà. Ṣùgbọ́n wọ́n á fi 15.33 kan náà pín in, ohun tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,022,000. Kò ju nǹkan bí 176,000 lọ ló fi lérè, tí ẹni tó wá wo òfò bá sì fi rìsíìtì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè ní irọ́ ni, kí wọ́n má san kọ́bọ̀.