Nọ́ńbà gíláàsì kọ́ la fi ń ra lẹ́ńsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ní Ìkòròdú níbí ni mo ń gbé. Gíláàsì mi jẹ́ -6.50 lójú ọ̀tún, -3.00 lójú òsì. Mo mú ìwé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó láti ra lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì fún mi. Mo ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá ń ka nǹkan lórí fóònù, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, ojú ọ̀tún á sì pọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo rí BC 8.4 àti DIA 14.2 lára páálí rẹ̀. Kí ni ìyẹn, ibo sì ni àṣìṣe wà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orí fífọ́. Ẹ wọ gíláàsì yín, ẹ wo pátákó kan lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ wá rọra fà á wá sí ṣóńṣó imú. Lẹ́tà tó hàn kedere tẹ́lẹ̀ á ṣú díẹ̀. Gíláàsì kò yí padà o, àyè tó wà láàrin òun àti ẹyinjú ló fẹ̀ sí i. Awò tó bá ní àmì ìyọkúrò (-) máa ń lágbára sí i bó bá ṣe ń sún mọ́ ẹyinjú, agbára rẹ̀ á sì dín kù bó bá ṣe ń jìnnà sí i. Bí gíláàsì bá jókòó bó ṣe yẹ, nǹkan bíi mìlímítà 12 ló fi jìnnà sí ẹyinjú. Ní ti lẹ́ńsì, orí ẹyinjú gan-an ló wà, omijé díẹ̀ nìkan ló là wọ́n láàrin. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ dín nọ́ńbà kù kí a tó fi ra lẹ́ńsì. Ti ẹni tí gíláàsì rẹ̀ ní àmì àròpọ̀ (+) yàtọ̀: ńṣe la máa fi kún tirẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. F ni nọ́ńbà gíláàsì, Fc ni nọ́ńbà lẹ́ńsì, d ni àyè náà ní mítà, ìyẹn 0.012:

```
Fc = F / (1 - d × F)
-6.50 / 1.078 = -6.03
-3.00 / 1.036 = -2.90
```

0.25 ló sábà máa ń wà láàrin nọ́ńbà lẹ́ńsì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, bíi -2.75, -3.00, -3.25. Èyí tó sún mọ́ -2.90 jù ni -3.00, nítorí náà kò sí àṣìṣe lójú òsì yín. -6.00 ló yẹ kí ojú ọ̀tún gbà, ṣùgbọ́n -6.50 ni wọ́n fi sí i. Láti -4.00 sókè ni a máa ń ṣe ìṣirò yìí, torí pé nísàlẹ̀ ibẹ̀ ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í tó nǹkan.

Ẹ lè ní ẹ ṣáà ń rí ọ̀ọ́kán. Òótọ́ ni, nítorí ojú ọ̀dọ́ lè fún ara rẹ̀ pọ̀ láti gbé agbára tó lé yẹn. Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì ló jọ ń fún ara wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìwọ̀n kan náà. Tí ọ̀tún bá fún ara rẹ̀ kí ó lè rí kedere, òsì á ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Tí òsì bá dúró síbi tó yẹ, ọ̀tún á ṣú. Lórí fóònù, níbi tí ojú ti ní láti ṣiṣẹ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ìjàkadì yìí ló ń di orí fífọ́.

Tí ìwé gíláàsì bá tún ní CYL àti AXIS, tí wọ́n máa ń kọ fún ojú tí kò yọ dọ́gba yíká, ọ̀rọ̀ náà á gùn sí i. Tí CYL bá kéré, bíi -0.50, a lè fi ìdajì rẹ̀ kún SPH, ìyẹn nọ́ńbà gíláàsì gan-an. Tó bá ti tó -0.75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú lẹ́ńsì mìíràn la máa ń wò fún un.

Ojú pípọ́n ní tirẹ̀ kò ti ara agbára lẹ́ńsì wá. Ẹ wo BC àti DIA, tí kì í sí nínú ìwé gíláàsì rárá, nítorí gíláàsì kì í fara kan ẹyinjú. BC ni bí ẹ̀yìn lẹ́ńsì ṣe tẹ̀ kòtò tó, mìlímítà la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni kòtò náà ṣe jìn tó: 8.4 jìn ju 8.8 lọ. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì rírọ̀ wà láàrin 8.3 sí 9.0. DIA ni fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí, ó sábà máa ń wà láàrin 13.8 sí 14.5. Ojú dúdú wa fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 12, lẹ́ńsì rírọ̀ sì gbọ́dọ̀ bò ó yíká, kí ó tún lé díẹ̀ sórí ojú funfun, ó kéré tán mìlímítà kan lọ́tùn-ún lósì.

Àwọn nọ́ńbà méjèèjì yìí jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Tí ẹ bá gé ara igbá kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí ẹ gé kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ni inú rẹ̀ máa jìn jù. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ńsì méjì tí BC wọn jẹ́ ọ̀kan náà: èyí tí DIA rẹ̀ tóbi jù ló máa ń fún mọ́ ojú jù.

Lẹ́ńsì tó tẹ́jú jù kì í pẹ́ fi ara rẹ̀ hàn. Ó máa ń yọ̀ kiri, ìríran á ṣú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣẹ́jú, etí rẹ̀ á sì máa ha ìpéǹpéjú. Èyí tó fún jù ló ń tan ènìyàn jẹ. Ní àárọ̀, bíi pé kò sí nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n kò ní mira, omijé tuntun kò ní ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, ìdọ̀tí á há síbẹ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, yíká ojú dúdú á pọ́n. Nígbà mìíràn, tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ lè rí ojú ibi tí etí rẹ̀ ti tẹ ojú funfun mọ́lẹ̀. Mo fura pé lẹ́ńsì 8.4 yín ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀tún, nítorí pé ojú méjì ènìyàn kan lè máà yọ bákan náà. Afẹ́fẹ́ náà lè dá kún un: tí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò, lẹ́ńsì máa ń gbẹ, èyí tó bá sì gbẹ á tún fún sí i.

A kì í ti inú lẹ́tà mọ èyí dájú. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí iwájú ẹyinjú ṣe yọ tó, àti ẹ̀rọ onítọ́ọ̀ṣì tí a ń gbé àgbọ̀n lé. Á fi lẹ́ńsì sí yín lójú, á dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 kó lè jókòó, kó tó wò ó. Bí ẹ bá ṣẹ́jú, lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ mira díẹ̀, bíi mìlímítà 0.2 sí 0.5. Á tún fi ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ tì í sókè: èyí tó dára á sún, á sì padà fúnra rẹ̀. Èyí tó fún á le mọ́ ibi tó wà. Tó bá fún, á dán 8.8 wò nínú irú lẹ́ńsì kan náà, tó bá wà. Ẹ má fúnra yín pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn torí pé BC wọn dọ́gba. Ohun tí wọ́n fi ṣe é àti bí wọ́n ṣe ṣe etí rẹ̀ yàtọ̀, kì í sì í bá ojú mu bákan náà. Nítorí èyí ni ìwé lẹ́ńsì fi gbọ́dọ̀ ní orúkọ lẹ́ńsì gan-an, PWR tó jẹ́ agbára rẹ̀, BC àti DIA fún ojú kọ̀ọ̀kan.

Títí di ìgbà náà, gíláàsì ni kí ẹ máa wọ̀. Tí ojú bá ń dùn yín, tí iná ń ta á, tàbí tí ìríran ṣì ṣú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ lẹ́ńsì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ mú páálí lẹ́ńsì dání. Tí wọ́n bá fún yín ní tuntun, ẹ bẹ dókítà kó tún un wò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kó jẹ́ ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí lẹ́ńsì ti wà lójú fún wákàtí mélòó kan.